Iyán kò lọ, omi kò lọ: ṣé fèrè ni kí àbúrò mi gbà àbí iṣẹ́ abẹ?

Àbẹ̀kẹ́Adó

Ẹ kú ilé o. Ọ̀rọ̀ àbúrò mi ọkùnrin ni mo gbé wá. Kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, káfíńtà ni, Ìkẹ́rẹ́ ló ń gbé. Ó ti lé ní ọdún méjì tí oúnjẹ ti ń há a láyà. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, iyán la kọ́kọ́ dá lẹ́bi, a ní kó máa bu òkèlè kékeré. Ìgbà tó yá la rí i pé omi lásán pàápàá ń há a. Á dìde nídìí oúnjẹ, á na ọrùn, á gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, á tún da ife omi kan lé e lórí kí nǹkan tó já lọ. Bí kò bá já, á lọ sẹ́yìn ilé lọ pọ̀ ọ́.

Òru ló burú jù. Ikọ́ ló máa ń jí i. Ìyàwó rẹ̀ sì ti bá ẹ̀wà tí wọ́n jẹ lálẹ́ lórí ìrọ̀rí láàárọ̀, odindi, kò yí padà rárá. Orí àga ló ń sùn báyìí. Ó ti fi ìṣó lu ihò tuntun sára bẹ́líìtì rẹ̀.

A ti tọ́jú ibà, a ti tọ́jú táífọ́ọ̀dù, a ti tọ́jú ọgbẹ́ inú. Wọ́n ní wọ́n ń fún un jẹun lójú oorun, a gbé e lọ sórí òkè. Ìgbà tó yá ni dókítà kan ní kó mu oògùn funfun kan tó ki, wọ́n sì ń ya fọ́tò bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ láyà rẹ̀. Ọ̀nà oúnjẹ ti fẹ̀ lókè, ìsàlẹ̀ ló wá ṣóńṣó bí ẹnu ẹyẹ. Wọ́n tún ti okùn tó ní iná àti kámẹ́rà bọ ọ̀fun rẹ̀, wọn kò rí kókó kankan. Wọ́n ní àkaléṣíà ni wọ́n ń pe àìsàn yìí.

Dókítà ní ọ̀nà méjì ló wà. Wọ́n lè fi fèrè kan, irú èyí tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí, fẹ ibẹ̀ láti inú, tàbí kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ. Ìyá wa ní ọ̀bẹ kò ní kan ọmọ òun. Ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin ní iṣẹ́ abẹ ni, kí ọ̀rọ̀ tán lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀ọ́, èwo ni ká gbà?

Bàbá Òmùò

Ọmọ mi, ọgbẹ́ inú ni. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ òyìnbó dà yín lọ́kàn rú. Èmi fúnra mi, àyà máa ń ta mí, oúnjẹ máa ń wá sókè, ọmẹpurasóòlù ni mo ń lò, mo sì ń fi ìyẹ̀fun ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú ro àmàlà. Ara tù mí. Kí ó lo tirẹ̀ fún oṣù mẹ́ta gbáko láìjẹ ata. Àwọn ọmọdé ìsinsìnyí kì í ní sùúrù fún oògùn.

Ìyá Ìbejì Ìkọ̀lé

Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọ̀rọ̀ fèrè yẹn, ẹ ṣọ́ra. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbé omi sódà tí wọ́n fi ń se ọṣẹ mu nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́rin. Ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ dí. Àtìgbà náà ni wọ́n ti ń fẹ̀ ẹ́. Wọ́n á fẹ̀ ẹ́, á jẹun fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, á tún dí, wọ́n á tún padà lọ. Ọmọ náà ti wọ ilé ẹ̀kọ́ girama báyìí, wọn ò tíì ṣíwọ́. Owó ọkọ̀ nìkan ti tó kọ́ ilé. Bí fífẹ̀ ṣe máa ń rí nìyẹn, kò lópin.

Sísítà Tíátà

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o gbogbo ilé. Ibi tí wọ́n ti ń fi kámẹ́rà wo inú ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mo sì ti wà nídìí fèrè yìí lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ya ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó ti dàpọ̀ mọ́ra wọn.

Ìyá Ìbejì, ti ọmọ yín yàtọ̀ pátápátá. Sódà jó ara ọ̀nà oúnjẹ, ojú ọgbẹ́ sì ń sún kì. Bí wọ́n ṣe ń fẹ̀ ẹ́ ni àpá ń padà fún un, ìdí nìyẹn tí kò fi lópin. Ní ti àbúrò Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, kò sí àpá kankan níbẹ̀. Iṣan tó ń pa ẹnu ọ̀nà dé níbi tí ọ̀nà oúnjẹ ti wọ inú ikùn ni kò gbọ́ àṣẹ mọ́. Nígbà tí a bá gbé nǹkan mì, ó yẹ kí iṣan yẹn dẹ̀. Àwọn fọ́nrán tó ń sọ fún un pé kó dẹ̀ ti kú. Àwọn kan náà ló ń bá ọ̀nà oúnjẹ tò ó kó lè máa ti òkèlè sísàlẹ̀, nítorí náà títì yẹn náà ti bàjẹ́. Ohun tí ẹ rí nínú fọ́tò nìyẹn: ilẹ̀kùn tì, oúnjẹ ń kóra jọ lókè, ọ̀nà ń fẹ̀ sí i.

Bàbá Òmùò, ẹ má bínú sà. Ọgbẹ́ inú kì í jẹ́ kí ẹ̀wà àná wà lórí ìrọ̀rí ní odindi. Ẹ̀wà tó bá ti dé ikùn á ti yí padà, á sì kan. Ti ọmọ yìí kò dé ikùn rárá. Àyà lè ta á lóòótọ́, torí oúnjẹ tó bá pẹ́ lókè máa ń kan níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń pè é ní ọgbẹ́ inú fún ọdún púpọ̀. Ọmẹpurasóòlù kò lè ṣílẹ̀kùn.

Wàyí o, fèrè. Kì í ṣe fèrè ọjọ́ ìbí. Ó gùn, ó le, bí wọ́n bá sì fẹ́ ẹ tán, ìwọ̀n tí wọ́n ti ṣe é fún ló máa tóbi dé, kì í kọjá rẹ̀. Èyí tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ lò jẹ́ mílímítà 30 ní ìbú, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta. Wọ́n á fún aláìsàn ní oògùn tó ń mú oorun wá, wọ́n á ti wáyà tín-ín-rín kọjá ilẹ̀kùn yẹn, wọ́n á wá gba orí wáyà ti fèrè wọlé. Ojú ẹ̀rọ tó ń ya inú ni wọ́n fi ń wò ó. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ẹ, ẹ óò rí i pé fèrè sún ní àárín, níbi tí iṣan ti fún un. Wọ́n á máa fẹ́ ẹ títí ìsúnkì yẹn á fi tú, wọ́n á sì dì í mú fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan. Bí wọ́n bá yọ ọ́, ẹ lè rí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára rẹ̀. Ìyẹn kò ṣe nǹkan kan, iṣan ló ya, ohun tí a sì ń wá gan-an nìyẹn.

Bí ara kò bá tù ú tó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n á lo 35. Àwọn mìíràn á dé 40.

Ewu tó tóbi jù níbẹ̀ ni pé ọ̀nà oúnjẹ lè lu jáde. Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn, nǹkan bí ẹni méjì ló máa ń ṣẹlẹ̀ sí. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í jẹ́ kí wọ́n lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. A máa ń ní kí wọ́n mu oògùn tó ń hàn nínú fọ́tò, ká lè rí i bóyá ó ń jò síta. Bí ìrora àyà tàbí ti ẹ̀yìn bá wà tí kò rọlẹ̀, tí ara bá gbóná, tí mímí bá le, tí awọ ọrùn bá wú tó ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ẹ má fún un ní omi, ẹ má fún un ní oògùn, ẹ gbé e padà lójú ẹsẹ̀. Ihò kékeré lè jinná pẹ̀lú oògùn apakòkòrò láìjẹun láìmu, èyí tó tóbi á gba iṣẹ́ abẹ lọ́jọ́ náà.

Nítorí náà, ẹ béèrè ohun kan ṣoṣo kí ẹ tó gbà fún fèrè: ta ni oníṣẹ́ abẹ tó lè la àyà tó wà ní ọsibítù náà lọ́jọ́ yẹn? Bí wọn kò bá lè dárúkọ rẹ̀, ẹ dìde.

ỌmọÌjerò

Sísítà ti sọ ọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n èmi ni wọ́n ṣe é fún, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi.

Mo gba fèrè lẹ́ẹ̀mejì kí n tó ṣe iṣẹ́ abẹ. Àkọ́kọ́, mo jẹ iyán lálẹ́ ọjọ́ kẹta, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Kò pé ọdún kan tó tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n lo èyí tó tóbi jù bẹ́ẹ̀, ó tún tù mí, ó tún padà. Dókítà tó wá ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi ní ọkùnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún ni fèrè kì í sábàá tó fún, iṣan wọn le. Mo bi í pé kí ló dé tí wọn ò sọ bẹ́ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ó kàn rẹ́rìn-ín.

Iṣẹ́ abẹ náà, ihò kéékèèké márùn-ún ni wọ́n gbà, inú ikùn ni wọ́n gbà wọlé, kì í ṣe àyà. Wọ́n gé iṣan náà ní gígùn, nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà sórí ọ̀nà oúnjẹ, wọ́n sì mú un wá sára ikùn ní nǹkan bíi méjì tàbí mẹ́ta. Iṣan nìkan ni wọ́n gé. Awọ inú tó rọ̀ kò gbọdọ̀ ya, bí ẹni gé okùn ṣòkòtò tí aṣọ rẹ̀ kò fàya. Ní ìparí, wọ́n fa orí ikùn bo ojú ibi tí wọ́n gé, wọ́n rán an mọ́ ọn, kí omi inú má baà máa ru sókè. Dókítà mi ní òyìnbó ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Heller ló kọ́kọ́ ṣe é ní 1913.

Mo mu ẹ̀kọ lọ́jọ́ kejì, wọ́n sì tú mi sílẹ̀ láìpẹ́ sí i. Kò tíì padà láti ìgbà náà, ọdún ti ń gorí ọdún. Káfíńtà ni àbúrò yín, ọ̀dọ́ sì ni. Ẹ má fi fèrè dá owó nù.

Mórẹ́nikẹ́ Ìdó

Hà, ẹ̀gbọ́n Ìjerò, ẹ má pa fèrè báyìí o! Èmi gba fèrè nígbà tí mo lé ní ogójì ọdún. Àárọ̀ ni wọ́n ṣe é, mo sùn sílé lálẹ́. Nígbà tó pẹ́ gan-an, bí ọdún márùn-ún, mo rí i pé ẹran tún ń há mi, mo padà lọ, wọ́n tún un ṣe. Ẹ̀ẹ̀mejì péré. Kò sí ojú ọ̀bẹ kankan lára mi, mo sì ń jẹ iyán bí ọmọ Èkìtì.

Ohun tí kò dáa níbẹ̀ ni ìrora. Kí ẹnikẹ́ni má tàn yín, oorun tí wọ́n fún mi kò wọlé tó, mo mọ ìgbà tí fèrè ń fẹ̀. Àyà bí ẹni pé wọ́n ń fà á ya. Kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n mi ò gbàgbé rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Ìjerò, ẹ sọ òótọ́ fún wọn, ṣé ẹ kì í lo oògùn?

ỌmọÌjerò

Mò ń lo ọmẹpurasóòlù lójoojúmọ́. Omi inú máa ń ru bí mi ò bá lò ó, pàápàá bí mo bá jẹun alẹ́ pẹ́. Òótọ́ ni. Ilẹ̀kùn tí wọ́n gé kì í tì mọ́. Ṣùgbọ́n kápúsù kan lóòjọ́ sàn ju kí n máa sùn lórí àga lọ.

FámásìsìIlẹ̀Òkèrè

Apoògùn ni mí, ìlú òyìnbó ni mo wà, ọmọ Ẹfọ̀n ni mí. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Yúróòpù tí wọ́n gbé jáde ní 2011 fi fèrè àti iṣẹ́ abẹ wéra. Ènìyàn tó lé díẹ̀ ní igba ni wọ́n fi kèké pín sí ọ̀nà méjì. Lẹ́yìn ọdún méjì, 90 nínú ọgọ́rùn-ún lára àwọn tó ṣe iṣẹ́ abẹ ni ara tù, 86 lára àwọn tó gba fèrè. Wọ́n tún wò wọ́n lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ó di 84 àti 82. Kò sí ìyàtọ̀ tó nítumọ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin méjèèjì jàre. Fèrè kò gbówó tó iṣẹ́ abẹ, ẹ gbà á.

Oògùn náà wà o, ẹ má gbàgbé. Nífẹ́dípíìnì, oògùn ìfúnpá nì, bí ó bá fi sábẹ́ ahọ́n kó tó jẹun, á dẹ iṣan náà.

Sísítà Tíátà

Ẹ ṣé fún iye tí ẹ gbé wá, òótọ́ ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ fi ibì kan sílẹ̀. Àwọn tí wọ́n ní fèrè tù lára nínú ìwádìí yẹn, ìdá kan nínú mẹ́rin wọn ló padà wá gba òmíràn láàárín ọdún márùn-ún náà. Títún ṣe wà lára ètò ìtọ́jú níbẹ̀, wọn kì í kà á sí pé ó kùnà àyàfi tó bá ti pọ̀ jù. Ẹni tó ń gbé Ìkẹ́rẹ́, tó máa yá owó ọkọ̀, tó máa pa iṣẹ́ tì ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tún pè é, kò rí bákan náà pẹ̀lú ẹni tí ọsibítù wà ní òpópónà rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Ìjerò náà sì tọ̀nà lórí ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ni fèrè máa ń já kulẹ̀ jù fún.

Nífẹ́dípíìnì, mi ò bá a jà, ṣùgbọ́n ẹ má fi lé àwọn ènìyàn lọ́wọ́ báyẹn. Agbára rẹ̀ kì í pẹ́, orí á máa fọ́ ẹlòmíràn, òòyì á máa kọ́ ọ. Káfíńtà tó ń gun òrùlé, ṣé òòyì ni ẹ fẹ́ fún un? Àwọn tó ti dàgbà jù tí ara wọn kò lè gba fèrè tàbí ọ̀bẹ ni a máa ń fún, tàbí kí a fi mú ẹnìkan dúró títí ọjọ́ tirẹ̀ á fi pé. Abẹ́rẹ́ bótọ́ọ̀sì tí wọ́n ń gún síbi iṣan náà wà pẹ̀lú. Òun náà kì í sábàá lò ju ọdún kan lọ, ó sì máa ń mú kí ibẹ̀ lẹ̀ mọ́ra, kí iṣẹ́ abẹ tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn le.

FámásìsìIlẹ̀Òkèrè

Mo gba ti òrùlé. Ti iye owó ni mi ò gbà. Fèrè mẹ́ta pàápàá lè má tó iye iṣẹ́ abẹ kan.

Sísítà Tíátà

Ó lè má tó lóòótọ́, ó sì lè jù ú lọ. Ó dọwọ́ ọsibítù. Ẹ ní kí wọ́n kọ iye méjèèjì sílẹ̀ kí ẹ tó bá ìyá yín sọ̀rọ̀, Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, kí ẹ sì ní kí wọ́n ka owó ibùsùn àti owó fọ́tò mọ́ ọn.

Bàbá Òmùò

Ẹ ti fi mí ṣe ẹ̀rín tó. Ṣùgbọ́n Sísítà, ẹ jẹ́ kí n béèrè. Láti ìgbà ọdún iṣu tuntun tó kọjá, iyán kì í lọ dáadáa fún èmi náà. Mo pa á tì, mo ń jẹ àmàlà. Ní oṣù tó kọjá, àmàlà náà bẹ̀rẹ̀ sí í dúró. Ògì ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Omi ń lọ. Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin ni mí. Aṣọ mi ń fẹ̀ mọ́ mi lára. Ṣé àkaléṣíà yìí náà ni?

Sísítà Tíátà

Bàbá, mi ò lè dá a mọ̀ láti ibi tí mo jókòó sí. Ṣùgbọ́n bí ẹ ṣe tò ó sílẹ̀ yẹn kò jọ ti àbúrò Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, ó sì bà mí lẹ́rù ju tirẹ̀ lọ. Ní ti àkaléṣíà, omi àti iyán sábà máa ń há pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì máa ń fà fún ọdún. Tiyín bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú iyán, ó sọ̀ kalẹ̀ sí àmàlà, kò sì tíì pé ọdún kan, ẹ sì ń rù. Bẹ́ẹ̀ ni ohun tó ń hù lójú ọ̀nà ṣe máa ń ṣe. Nígbà mìíràn pàápàá, kókó tó bá wà lẹ́nu ọ̀nà ikùn lè ṣe bí àkaléṣíà nínú fọ́tò, kó tan dókítà jẹ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ fi kámẹ́rà wo àbúrò náà kí wọ́n tó fún àìsàn rẹ̀ lórúkọ.

Ẹ lọ fi kámẹ́rà wo inú yín ní ọ̀sẹ̀ yìí. Kí ẹ má lo ọmẹpurasóòlù fún oṣù mẹ́ta mìíràn. Ta ló wà nílé pẹ̀lú yín?

Bàbá Òmùò

Ọmọbìnrin mi ń bọ̀ láti Àkúrẹ́ lópin ọ̀sẹ̀. Màá fi ọ̀rọ̀ yìí hàn án.

Mórẹ́nikẹ́ Ìdó

Bàbá, ẹ pè é lónìí. Ẹ má dúró de òpin ọ̀sẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́Adó

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Bàbá, Ọlọ́run á bá yín ṣe é.

A padà sọ́dọ̀ dókítà lánàá. Mo béèrè oníṣẹ́ abẹ àyà bí Sísítà ṣe wí. Ó ní rárá, àwọn kò ní in, bó bá jẹ́ fèrè, a máa ní láti lọ síbi tí wọ́n ní in, ó sì dárúkọ UCH ní Ìbàdàn. Ó ní ìdánwò kan wà tí wọ́n ń fi okùn tín-ín-rín ti imú wọlé láti mọ bí iṣan ṣe ń tẹ̀, pé oríṣi mẹ́ta ni àkaléṣíà, àti pé oríṣi kẹta kì í sábàá gbọ́ ti fèrè, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ rẹ̀ kò wọ́pọ̀ nílẹ̀ wa. Ṣé a lè ṣe é láìṣe ìdánwò yẹn?

Ìyá wa ti rọ̀ díẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún wọn pé fèrè náà lè padà di ọ̀bẹ lọ́jọ́ kan náà, wọ́n dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n wa ń yọ̀. Àbúrò mi fúnra rẹ̀ ní fèrè lòun ń fẹ́, torí òun ní iṣẹ́ òrùlé kan tí òun ti gba owó rẹ̀, kò sì fẹ́ kí wọ́n ní kó má gbé nǹkan tó wúwo.

ỌmọÌjerò

Ti iṣẹ́ yẹn, kó mọ̀ pé wọn kò jẹ́ kí n gbé nǹkan tó wúwo fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kó bá ẹni tó gbé iṣẹ́ fún un sọ̀rọ̀. Mi ò ṣe ìdánwò ti imú yẹn o, fọ́tò àti kámẹ́rà ni wọ́n fi ṣe tèmi.

Sísítà Tíátà

Ó dára bí ẹ bá rí ìdánwò náà ṣe, torí bí ó bá jẹ́ oríṣi kẹta, ìrora àyà rẹ̀ máa ń pọ̀, wọ́n sì máa ń gé iṣan gùn ju bí wọ́n ṣe ń ṣe lọ. Bí kò bá sí, fọ́tò fi hàn pé ọ̀nà oúnjẹ rẹ̀ ti fẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti ṣóńṣó, kámẹ́rà kò rí kókó, ọ̀pọ̀ dókítà nílẹ̀ wa ló máa fi ìyẹn ṣiṣẹ́. Ọwọ́ oníṣẹ́ abẹ náà ni ìdájọ́ wà.

Èyí kò yí padà, ìbáà jẹ́ fèrè tàbí ọ̀bẹ: ẹ sọ fún ẹni tó ń fún un ní oògùn oorun pé oúnjẹ ń pẹ́ sí i láyà. Àwọn kan máa ń sọ fún un pé kó má jẹun láti àárín òru, bí wọ́n ṣe ń sọ fún gbogbo ènìyàn. Kò tó fún un. Mo ti rí ẹni tó ní òun kò jẹun láti àná, tí a fi kámẹ́rà wọlé tí a bá ẹ̀wà àti ewé ẹ̀fọ́. Bí irú rẹ̀ bá sùn, tí ó sì pọ̀ ọ́, inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ. Kó mu nǹkan olómi nìkan fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú, omi ògì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tíì, omi ẹran tí wọ́n ti sẹ́. Ikọ́ òru yẹn náà, kí wọ́n ya fọ́tò àyà rẹ̀ kí wọ́n tó mú ọjọ́.

Ìyá Ìbejì Ìkọ̀lé

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ṣe é tán, ṣé á máa jẹun bí tẹ́lẹ̀?

Mórẹ́nikẹ́ Ìdó

Kò rí bẹ́ẹ̀ pátápátá mà. Ọ̀nà oúnjẹ kò ní padà máa ti òkèlè sísàlẹ̀. Èmi kì í jẹun ní ìdùbúlẹ̀, mo máa ń fi omi sún òkèlè, mi ò sì jẹun mọ́ bí oorun bá ti ń kùn mí. Búrẹ́dì ló ń dà mí láàmú jù, iyán tó bá kúnná kò ṣe mí ní nǹkan kan.

ỌmọÌjerò

Àwọn tèmi ní kí n padà wá fi kámẹ́rà wò ó lẹ́yìn bí ọdún mẹ́wàá, torí ọ̀nà oúnjẹ tó ti bàjẹ́ pẹ́ lè hu ohun mìíràn. Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, ẹ tọ́jú fọ́tò rẹ̀ àtijọ́ sílé. Àwọn tó máa wò ó nígbà náà á fẹ́ mọ bó ṣe fẹ̀ tó tẹ́lẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́Adó

Mo ti tọ́jú rẹ̀. Ọjọ́rú la ń lọ sí Ìbàdàn, láti gbọ́ tẹnu oníṣẹ́ abẹ. Àbúrò mi ṣì ń sọ fèrè, ẹ̀gbọ́n wa ṣì ń sọ ọ̀bẹ. Mo ti kọ ìbéèrè yín sínú ìwé. Tíì àti omi ògì ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í mu, ó ń bínú sí gbogbo wa.